Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú gbogbo ilé iṣẹ́: kí lèèyàn máa kọ́kọ́ sọ, kí ló máa fi jókòó?

Sítọ́kípà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o. Sítọ́ọ̀ ni mo wà nílé iṣẹ́ búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá ní kí n dìde ní mítíìnì ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé ìdí tí búrẹ́dì táwọn oníbàárà ń dá padà fi pọ̀ sí i. Màmá tó ni ilé iṣẹ́ máa wà ńbẹ̀, akáńtáńtì, àwọn dírẹ́bà, àwọn tó ń yan búrẹ́dì. Mo mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde báyìí gbogbo ẹ̀ á pò mọ́ra wọn lórí mi. Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ, báwo ni mo ṣe máa kúrò lórí èyí bọ́ sórí ìyẹn, kí ni mo máa fi parí ẹ̀? Yorùbá la máa ń sọ ní mítíìnì wa.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Kọ́kọ́ dá mi lóhùn nǹkan méjì ná. Kí ló fà á gan-an, kí lo sì fẹ́ kí wọ́n ṣe? Má sọ fún mi pé "kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i" o. Ta ni kó ṣe kí ni, ìgbà wo ló sì máa ṣe é. Ìparí la máa ń kọ́kọ́ kọ, tó ò bá tíì mọ ohun tó o fẹ́ tọrọ, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó o bá kó jọ ò ní mọ ibi tó ń lọ.

---

Sítọ́kípà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà. Tẹ́lẹ̀, nínú búrẹ́dì 100 tó bá jáde, bíi 3 ló máa ń padà. Lóṣù tó kọjá ó ti di 8. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé ó ti bu, ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ló ti ń bu. A rí oníbàárà tuntun lọ́nà Ọ̀yọ́, ọkọ̀ wá ń jáde láago márùn-ún ìdájí dípò aago mẹ́fà, búrẹ́dì ò ráyè tutù kí wọ́n tó dì í sínú láílọ̀n, ó wá ń làágùn nínú ẹ̀. Ráàkì tí à ń tò ó sí kó lè tutù náà ò tó. Ohun tí mo fẹ́ ni ráàkì méjì sí i, kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ sì padà sí aago mẹ́fà.

---

Bọ̀dá Akáńtì

Àbúrò, ohun tó rọrùn jù ni kó o kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kó o há a sórí, ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, látìgbà tí oníbàárà Ọ̀yọ́ ti dé, kí wọ́n lè bá ẹ rìn dé ibi tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe tiwa nìyẹn.

---

Alága Ìjókòó Tòótọ́

Ẹ ò rí i pé ẹ ń le jù! Èèyàn ò gbọdọ̀ dìde sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ti ń ṣe alága ìjókòó tipẹ́, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ki oríkì ìyá ìyàwó, orí ẹ̀ á wú, ibi tí mo bá ní kó gbà lá gbà. Ki Màmá yín dáadáa, ju àpárá kan sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Tí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín, ìṣẹ́jú márùn-ún á ti lọ 😂

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Alága, èmi náà gbà pé ìṣẹ́jú márùn-ún á ti lọ, ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ráàkì méjì ni ọmọ yìí ń wá, kì í ṣe owó níná.

Bọ̀dá Akáńtì, ẹ dákun, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá há gbogbo ẹ̀ sórí, tí ẹnì kan bá wúkọ́ báyìí tó gbàgbé gbólóhùn kan, ìyókù á tẹ̀ lé e lọ. Ohun tó yẹ kó há sórí ò pọ̀: gbólóhùn méjì tó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa fi kúrò lórí kókó kan bọ́ sórí òmíì, àti èyí tó máa fi jókòó. Àárín yẹn, kó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní sítọ́ọ̀, torí ohun tó ń fojú ara ẹ̀ rí lójoojúmọ́ ni.

Ti pé kó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí oníbàárà Ọ̀yọ́ ti dé, ìyẹn dùn nínú ìtàn. Ní mítíìnì, Màmá lè gba ipè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kó sì jáde síta, kí ló gbọ́ lọ? Ó gbọ́ pé a rí oníbàárà tuntun. Ó tiẹ̀ lè rò pé ìròyìn ayọ̀ lo wá jẹ́. Ìdájọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ, àlàyé á tẹ̀ lé e. Báyìí ni mo ṣe máa sọ ọ́ tó bá jẹ́ èmi ni:

"Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí gbogbo ilé. Búrẹ́dì tó ń padà ti kúrò ní 3 nínú 100, ó ti di 8. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń dì í nígbà tó ṣì gbóná. Màá kọ́kọ́ sọ irú èyí tó ń padà, màá sọ ìdí tó fi ń bu, màá wá fi nǹkan méjì tí mo fẹ́ tọrọ parí ẹ̀."

Ó tán. Tó o bá kà á sókè, kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú. Gbogbo wọn ti mọ ibi tó ò ń lọ, wọ́n sì ti mọ̀ pé o máa jókòó.

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi Tìréènà, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìkíni yẹn kúrú jù. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni mo wà kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó dìde bẹ́ẹ̀, ó kí ọ̀gá àgbà, ó kí "gbogbo ilé", kò dárúkọ alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó jókòó síwájú. Ohun tó sọ dáa o, àmọ́ nígbà tó di àsìkò ìbéèrè, alága yẹn fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí o kò kí ò ní gbọ́ ẹ. Kí ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà wá sílẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mi ò jiyàn pé ìkíni ṣe pàtàkì. Ohun tí mò ń wò ni aago. Tó bá kí èèyàn mẹ́jọ pẹ̀lú oyè wọn, ìṣẹ́jú kan ti lọ nínú márùn-ún, àwọn dírẹ́bà tí ò sùn dáadáa á sì ti máa wo fóònù wọn. Kó dárúkọ Màmá, kó dárúkọ ẹni tí inú ẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́ nínú ilé yẹn (gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní irú ẹ̀), kó kó ìyókù pọ̀. Tó bá sì fẹ́ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kí wọn kí mítíìnì tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọlé.

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Kíkí lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ni kíkí níwájú èèyàn. Ẹ máa wò ó.

---

Dírẹ́bà Àgbà Sángo

Mo ń ka ìjíròrò yìí bọ̀ látòkè, inú mi ò dùn. "Wọ́n ń dì í nígbà tó ṣì gbóná." Ta ni "wọ́n"? Èmi ń wa búrẹ́dì, mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa lọ. Àwọn tó ń dì í á ní dírẹ́bà ló ń fọn fèrè, dírẹ́bà á ní oníbàárà ló ń pè, mítíìnì á di ìjà, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ráàkì tí ọmọ yìí ń sọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn, kó mọ̀ pé ó ti fi ẹjọ́ ìdajì yàrá náà sùn kó tó sọ̀rọ̀ jìnnà.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Dírẹ́bà Àgbà, mo gba èyí. Ẹ jẹ́ ká yọ "wọ́n" kúrò, ká di ẹ̀bi náà ru aago: "Ohun tó fà á ni pé láago márùn-ún tí ọkọ̀ ń jáde báyìí, búrẹ́dì ò tíì tutù tó bó ṣe yẹ ká dì í." Òótọ́ náà ṣì ni, kò dín kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa múra ìjà sílẹ̀. Sítọ́kípà, kọ èyí sílẹ̀ dípò ti àkọ́kọ́.

Ó wá ku bí wàá ṣe máa bọ́ láti orí kókó kan sí òmíì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dàrú. Ẹni tó ń kàwé, tó bá sọnù, á ṣíwèé padà. Ẹni tó ń fetí gbọ́ ò níbi tó máa ṣí padà sí, ẹnu ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi nífẹ̀ẹ́ "kókó kejì" nìkan. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti lọ sílé nígbà tó ò ń sọ kókó àkọ́kọ́, kí ni "kókó kejì" fẹ́ sọ fún un? Nínú gbólóhùn tó o bá fi yà, pa ilẹ̀kùn èyí tó o sọ tán dé, kó o sì pe orúkọ èyí tó ń bọ̀. Bí àpẹẹrẹ:

"Èyí tó ń padà nìyẹn, èyí tó bu ló pọ̀ jù. Kí ló wá dé tó fi ń yá bu?"

Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, dákẹ́ díẹ̀. Mí. Ẹni tó ti ń wo fóònù á gbójú sókè torí ó gbọ́ pé wọ́n ń bi èèyàn ní nǹkan. Tó o bá sì sọ ti ìgbóná tán:

"Ọ̀rọ̀ ìgbóná nìyẹn. Ó wá ku ohun tá a lè ṣe sí i, nǹkan méjì péré ni."

Tó o bá ti ní méjì, méjì náà ni kó jẹ́ o. Ẹni tó bá ní nǹkan méjì lòun fẹ́ sọ, tó tún ní "ẹ̀ẹ́, mo tún fẹ́ fi kún un", àwọn tó ń bá a kà á lọ́kàn ti ṣìnà nìyẹn. Àpẹẹrẹ ńkọ́? "Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan ṣàpẹẹrẹ." Tí ọ̀rọ̀ bá gbé ẹ lọ síbòmíì: "Ká padà sórí ráàkì." Mi ò rò pé ó nílò jù báyìí lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun kan ṣì wà tí ò yẹ kó o sọ: "ṣé ó yé yín?" Má bi Màmá bẹ́ẹ̀. "Bóyá mo ń sọ ọ́ yé yín, mà" sàn díẹ̀, ìwọ lo gbé ẹrù náà síyẹn. Èyí tó dáa jù ni kó o má bi wọ́n rárá, kó o wo ojú wọn.

---

Béékà Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi ń yan búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kún ti ìgbóná yẹn kó má lọ sọ ohun tí wọ́n máa fi mú un. Tí búrẹ́dì bá jáde látinú ààrò, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń tètè tutù, inú ẹ̀ ló ń pẹ́. O lè fọwọ́ kàn án kó o rò pé ó ti ṣeé dì. Ó yẹ kí inú ẹ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bíi 35 sí 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kó tó wọ láílọ̀n. Èyí tó tóbi lè gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lórí ráàkì, tí afẹ́fẹ́ bá rọ́nà gba abẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá tò ó lé ara wọn, ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni ráàkì tí ò tó ṣe jẹ́ wàhálà. Tí ẹ bá wá dì í nígbóná, oru inú ẹ̀ á kọlu láílọ̀n, á domi, omi yẹn lohun tó ń mú un bu ń fẹ́.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi: màá di búrẹ́dì gbígbóná kan sínú láílọ̀n láàárọ̀ yẹn, màá gbé e wọ mítíìnì. Kó tó pẹ́, wọ́n á rí omi tó ń kán nínú ẹ̀ fúnra wọn. Kò sí gbólóhùn tó tó ìyẹn.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó máa gbé e jáde. Tó bá gbé e sórí tábìlì látìbẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n á máa wò títí. Kó fi pamọ́ sínú báàgì. Tó bá ti bi wọ́n pé kí ló dé tó fi ń yá bu, kó dákẹ́, kó yọ ọ́, kó jẹ́ kó dọ́wọ́ Màmá, kó sọ ti omi inú ẹ̀, kó gbà á padà, kó tún fi pamọ́ kó tó sọ pé ó ku ohun tá a lè ṣe. Kó má sì sọ ti ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì àfi tí wọ́n bá bi í. Láti aago tí búrẹ́dì jáde sí aago tí ọkọ̀ lọ, iye wákàtí tó wà láàárín yẹn ni kó sọ.

---

Nọ́ọ̀sì Mansẹ́sítà

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tèmi náà o. Ọsibítù ni mo wà níbí, tá a bá ń fa aláìsàn lé dókítà lọ́wọ́, ètò kan wà tí wọ́n kọ SBAR sórí ìwé ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rò pé ó jẹ́, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. A kì í yí i padà, torí ẹni tó ń gbọ́ mọ ohun tó kàn, ó lè máa ṣe nǹkan míì lọ́wọ́ síbẹ̀ kó gbọ́. Sítọ́kípà lè lò ó bó ṣe wà yẹn. Kò nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ìyàbàrá tí ẹ̀gbọ́n kọ yẹn.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Ìyàtọ̀ kan wà. Ẹ̀yin àti dókítà, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ètò yẹn látilé, ètò náà fúnra ẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà. Dírẹ́bà tó jókòó sẹ́yìn ò mọ̀ ọ́n. Àfi kí Sítọ́kípà máa fẹnu sọ ibi tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí dókítà ṣe, ìparí nìkan ló ti ń jáde. Níbi tí ọkàn àwọn èèyàn ò bá ti balẹ̀ síra wọn, tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ohun méjì péré lo wá tọrọ, ara wọn á rọlẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Mansẹ́sítà

Ní wọ́ọ̀dù wa, tó bá ti le, ohun tí mo fẹ́ náà ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ: "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò ó báyìí," kí n tó wá to ìyókù. Torí náà a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wa.

---

Sítọ́kípà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ló ń bà mí lẹ́rù. Akáńtáńtì wa kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ṣe dárúkọ ráàkì báyìí, á ní "eélòó?"

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Tó bá jẹ́ akáńtáńtì: "Mò ń bọ̀ níbẹ̀ sà, owó ẹ̀ wà níparí ọ̀rọ̀ mi." Kó o máa bá tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀, dárúkọ ẹ̀ pé "owó tí ọ̀gá akáńtáńtì bèèrè léèkan", kó mọ̀ pé o ò gbójú fò ó. Tó bá jẹ́ Màmá ló bèèrè, má ní kó dúró, dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbólóhùn kan, kó o wá fi "ká padà sórí ìgbóná búrẹ́dì" gba ọ̀nà ẹ padà. Tó o bá dákẹ́ lẹ́yìn ìdáhùn láìsọ ìyẹn, ẹlòmíì á béèrè tiẹ̀, mítíìnì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn.

Lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lónìí, kó kọ iye ráàkì méjì sórí pépà fún ẹ. Tó o bá tọrọ nǹkan láìmọ iye ẹ̀, wọ́n á ní "a máa wò ó", kò sì sẹ́ni tó máa wò ó.

Ìparí wá rèé. "Ní ìparí" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa sọ ọ́. A mọ àwọn tó máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí gbogbo ìjọ ti gbé báàgì. Báyìí:

"Kí n tó jókòó, ohun méjì. Ráàkì méjì kí oṣù yìí tó parí, iye tí wẹ́dà pè é wà lọ́wọ́ mi. Èkejì, kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ máa jáde láago mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Màá máa ka èyí tó ń padà lójoojúmọ́, màá sì mú iye ẹ̀ wá fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣé."

Tí wọ́n bá wá bi ẹ́ ní ìbéèrè lẹ́yìn ẹ̀, má jẹ́ kí ìbéèrè ìkẹyìn jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀. Fi gbólóhùn kan dá a padà: "Ẹ ṣé, ráàkì méjì àti aago mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín."

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Àdúrà ńkọ́? Ìwọ ò ní ṣàdúrà fún ilé iṣẹ́ tó ò ń jẹun níbẹ̀?

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Kó ṣe é bàbá, gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n kó ṣe é ṣáájú ohun tó fẹ́ tọrọ, kí ẹ̀bẹ̀ lè jẹ́ ohun tó kù sí wọn létí.

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Kò ṣeé ṣe! Wọ́n bá ti ṣe àmín, ọ̀rọ̀ ti tán. Ta ló ń tọrọ ráàkì lẹ́yìn àmín?

---

Alága Ìjókòó Tòótọ́

Bàbá gba ibẹ̀ o 😂 Lẹ́yìn àmín, oúnjẹ ló kàn.

---

Dírẹ́bà Àgbà Sángo

Kẹ́ ẹ tó parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dírẹ́bà Ọ̀yọ́ yẹn máa sọ tó bá dìde. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ fẹ́ kó dé kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé. Láti Ìbàdàn síbẹ̀, tọ́nà bá dáa, tó wákàtí kan ni. Tó bá jáde láago mẹ́fà, tó wá yí ṣọ́ọ̀bù mélòó kan, àárọ̀ ti lọ. Ohun tó máa ṣe ni pé á dìde ní àsìkò ìbéèrè, á ní aago mẹ́fà ò ṣeé ṣe, gbogbo ẹ̀ á sì dúró síbẹ̀.

---

Béékà Ògbómọ̀ṣọ́

Wọ́n lè yan ti Ọ̀yọ́ ṣáájú. Kí wọ́n gbé e wọ ààrò lákọ̀ọ́kọ́, kó wà lórí ráàkì nígbà tí ti ìgboro ṣì ń jó. Ìyẹn lè jẹ́ kí aago márùn-ún dúró bó ṣe wà. Àmọ́ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ló máa ní láti tètè dé, wọ́n lè kọ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Tìréènà

Èyí ju gbogbo gbólóhùn tí mo kọ lọ. Sítọ́kípà, pe dírẹ́bà Ọ̀yọ́ àti ọ̀gá àwọn apo-ìyẹ̀fun kí Mọ́ńdè tó pé. Bi wọ́n pé nínú méjèèjì, èwo ni wọ́n lè gbà. Èyí tí wọ́n bá gbà ni kó o fi rọ́pò aago mẹ́fà nínú ọ̀rọ̀ ìparí ẹ, kó o sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé o ti bá wọn sọ ọ́.

---

Sítọ́kípà Mọ́kọ́lá

Mo ti pe dírẹ́bà. Ó ní tí búrẹ́dì bá ti tutù, òun á jáde láago márùn-ún ààbọ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá apo-ìyẹ̀fun ò tíì gbé fóònù. Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹni mélòó ni kí n dárúkọ níbi ìkíni o, torí akáńtáńtì àti ọ̀gá béékà ò kí ara wọn?

---

Bàbá Ìjẹ̀bú

Kí àwọn méjèèjì. Kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó bá ju ìkejì lọ lọ́jọ́ orí, kì í ṣe ẹni tí ipò ẹ̀ ga jù.

---

Bọ̀dá Akáńtì

Ẹ má gbọ́ ti bàbá níbẹ̀ yẹn o. Ní ọ́fíìsì, ipò ló kọ́kọ́ ń wá.